Yíyọ kóòdù ìdarí kúrò nínú olú ètò: bí a ṣe ń lo iṣẹ́ alákòókò àti iṣẹ́ ìdálọ́wọ́dúró

Nígbà kan, wọ́n pè mí síbi pọ́ǹpù omi kan tí ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìdúró. Ohun tó ṣòro fún àwọn tó ń bójú tó o láti gbà ni pé wọn kò fọwọ́ kan ìlà kan ṣoṣo nínú ètò náà. Ẹ̀rọ ìdarí àtijọ́ ló ti gbó tí wọ́n fi tuntun tó yára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, wọ́n gbé ètò ti tẹ́lẹ̀ sí i bó ṣe wà, wọ́n sì tan pọ́ǹpù. Láti ọdún mélòó kan ni ìfúnpá náà ti ń dúró ṣinṣin lórí báà 4. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ tuntun dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í fì láàárín 3.2 sí 4.8. Sẹ́ńsọ̀ kò bàjẹ́, pọ́ǹpù kò bàjẹ́, wáyà kò já. Ibi tí wọ́n kọ kóòdù ìdarí ìfúnpá sí ni ẹ̀bi wà: inú olú ètò ni ó wà, olú ètò kò sì ní àkókò kan pàtó tó gbọ́dọ̀ fi yípo.

Olú ètò máa ń ka àbáwọlé, á ṣe gbogbo ìlà kóòdù láti òkè dé ìsàlẹ̀, á kọ àbájáde síta, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá yára, àyípo kan á kúrú. Bí ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn bá pọ̀ tàbí bí ẹ̀ka ètò kan tí kì í sábà ṣiṣẹ́ bá jí, àyípo á gùn. Fún iná tí a ń tàn tí a sì ń pa, èyí kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n kóòdù tó ń kó ìyàtọ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, bíi ti ìdarí ìfúnpá, gbà pé àkókò tó wà láàárín ìgbà kan tí wọ́n pè é àti ìgbà tó tẹ̀ lé e dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti pọ́ǹpù yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe kóòdù náà, ó máa ń fi ìdá 0.02 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìfúnpá tí a fẹ́ àti èyí tó wà nílẹ̀ kún apá àkójọ rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, àyípo kan ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 40, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ń pe kóòdù náà ní ìgbà 25 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tí apá àkójọ sì ń fi ìdajì ìyàtọ̀ náà pọ̀ sí i ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹ̀rọ tuntun, àyípo kan ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 10. Ìgbà 25 di ìgbà 100, ìdajì di ìlọ́po méjì ìyàtọ̀. Ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀ fi sùúrù wọ̀n di ìlọ́po mẹ́rin láìsí ẹni tó mọ̀ pé òun yí i padà. Ìdí nìyẹn tí ìfúnpá fi ń fì.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a yọ kóòdù náà kúrò nínú olú ètò, kí a fi í sínú iṣẹ́ alákòókò, ìyẹn apá ètò tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ń pè lẹ́yìn àlàfo àkókò kan pàtó, bó ti wù kí olú ètò wà níbi tó wà. Bí àkókò bá ti pé, ẹ̀rọ á já wọ àárín olú ètò, á ṣe iṣẹ́ náà tán, á sì padà síbi tó ti kúrò. S7-1200 ti ilé-iṣẹ́ Siemens ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó wà níbi pọ́ǹpù náà. Lórí rẹ̀, olú ètò ni `OB1`, iṣẹ́ alákòókò sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti `OB30`. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ní orúkọ tiwọn fún nǹkan kan náà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wọn àyípo olú ètò

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò, ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ ṣí `Online & diagnostics` nínú `TIA Portal`, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ kóòdù fún S7-1200, kí ẹ sì wo `Cycle time`. Ẹ ó rí èyí tó kúrú jù, èyí tó ń lọ lọ́wọ́ àti èyí tó gùn jù. Ẹ má ṣe kọ èyí tó ń lọ lọ́wọ́ nìkan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ títí iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́ yóò fi yí ká, kí ẹ wá wo èyí tó gùn jù, torí pé ibẹ̀ ni àṣírí máa ń wà. Níbi pọ́ǹpù náà, èyí tó kúrú jù jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 8, èyí tó gùn jù sì jẹ́ 14. Àní ká ní wọ́n tún ìṣirò ṣe kó bá ẹ̀rọ tuntun mu, agbára ìdarí náà ì bá ṣì máa yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan àlàfo àkókò

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé bí àlàfo bá ṣe kúrú tó ni ìdarí yóò ṣe dára tó. Ohun méjì ló yẹ kó pinnu rẹ̀. Èkíní ni bí ohun tí a ń darí ṣe ń yára yí padà. Bí a bá yí iyára pọ́ǹpù náà padà lójijì, ó ń gba nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 2 kí ìfúnpá tó dé ibi tí yóò dúró sí. Bí a bá wò ó ní ìgbà 10 sí 20 láàárín àkókò yẹn, ó ti tó fún ìdarí tó dán. Ìyẹn ni pé mílísẹ́kọ́ńdì 100 pàápàá lè ṣiṣẹ́, 40 sì tó dáadáa.

Èkejì, tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ni káàdì tó ń ka sẹ́ńsọ̀. Káàdì tí wọ́n ṣètò láti sẹ́ ariwo iná 50 Hz kúrò máa ń kó àmì jọ fún mílísẹ́kọ́ńdì 20 kí ó tó fúnni ní iye kan. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ alákòókò sí mílísẹ́kọ́ńdì 5, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ ó ka iye kan náà kí tuntun tó dé. Apá àkójọ lè fara da èyí, ṣùgbọ́n bí ìdarí náà bá ní apá tó ń wo bí iye ṣe ń yára yí padà, yóò rí òdo ní ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà yóò rí ìfòsókè kan ṣoṣo, àbájáde á sì máa ta bí ẹni tí nǹkan ta. Ẹ wo `Smoothing` lára ètò káàdì náà pẹ̀lú, nítorí ó máa ń da ìwọ̀n bíi mélòó kan pọ̀, ó sì ń fi kún ìdádúró.

Mo yan mílísẹ́kọ́ńdì 40 fún pọ́ǹpù yìí. Ó ju 20 ti káàdì lọ, ó sì jẹ́ àlàfo tí wọ́n ti fi wọn ìdarí náà látẹ̀yìnwá, nítorí náà kò sí ìdí láti tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀

Nínú `TIA Portal`, ẹ yan `Add new block`, lẹ́yìn náà `Organization block`, kí ẹ mú `Cyclic interrupt`. Ẹ kọ àlàfo sínú `Cyclic time`, kí ẹ sì wo ẹyọ ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà dáadáa: níbòmíràn mílísẹ́kọ́ńdì ni, níbòmíràn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni, 40 àti 40000 sì jìnnà síra. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ alákòókò méjì tí àkókò wọn ń pàdé, bíi 20 àti 40, ẹ fi `Phase shift` sún ọ̀kan síwájú díẹ̀, kí wọ́n má bàa máa dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ ipò ìṣáájú nílò ìkìlọ̀ kan. Lórí ẹ̀rọ yìí, nọ́ńbà tó tóbi ló ń já wọ àárín èyí tó kéré, `OB1` sì wà ní 1, tí í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá. Nínú ìlànà IEC 61131-3 tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn ń tẹ̀ lé, òdìkejì rẹ̀ ni: 0 ló ga jù. Ẹni tó bá ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì tí kò rántí èyí yóò fi iṣẹ́ tó yẹ kó ṣáájú sí ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ kóòdù rẹ̀

Ẹ kọ ọ́ sínú `FB`, ìyẹn apá ètò tó ní ìrántí tirẹ̀, kí ẹ sì pè é láti inú `OB30` nìkan. `OB` fúnra rẹ̀ kì í rántí ohunkóhun láti ìpè kan dé èkejì, apá àkójọ sì gbọ́dọ̀ rántí. Nínú kóòdù yìí, ìfúnpá àti àbájáde jẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún. Báà 10 ni 100, nítorí náà báà 4 jẹ́ 40.

```
IF "Ilana".tuntun THEN
    #Kp := "Ilana".Kp;
    #Ti := "Ilana".Ti;
    "Ilana".tuntun := FALSE;
END_IF;
#iye := INT_TO_REAL("AI_ifunpa":P) / 276.48;
#e := "Ilana".afojusun - #iye;
#I := LIMIT(MN := 0.0, IN := #I + #Kp * 0.04 / #Ti * #e, MX := 100.0);
#u := LIMIT(MN := 0.0, IN := #Kp * #e + #I, MX := 100.0);
"AQ_iyara":P := REAL_TO_INT(#u * 276.48);
```

`0.04` ni àlàfo náà ní sẹ́kọ́ńdì. `Kp` ni agbára ìdarí, `Ti` sì ni àkókò tó ń pinnu bí apá àkójọ ṣe ń yára tó. Bí `Kp` bá jẹ́ 2 tí `Ti` sì jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 4, ohun tó ń wọ apá àkójọ ní ìpè kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.02 ìyàtọ̀, bíi ti àtijọ́ gẹ́lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá yí `Cyclic time` padà láìyí nọ́ńbà yìí, ìṣòro tí a ń sá fún yóò padà dé; nítorí náà ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìrántí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. `LIMIT` tó wà lórí `#I` kì í jẹ́ kí àkójọ máa gbéra sókè nígbà tí pọ́ǹpù ti dé òpin agbára rẹ̀.

Ẹ wo `:P` tó wà lẹ́yìn orúkọ àbáwọlé àti àbájáde. Láìsí i, kóòdù náà yóò ka ẹ̀dà àbáwọlé tí olú ètò yà nígbà tí àyípo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe déédéé lórí iye tó ti pẹ́ nílẹ̀. Àbájáde náà yóò sì dúró de òpin àyípo kí ó tó jáde. Mo ti rí iṣẹ́ alákòókò tí wọ́n ṣètò dáadáa tí kò ṣe àǹfààní kankan nítorí lẹ́tà kan yìí.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ ni ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn, ìkọ̀wé sínú fáìlì, àti yíyípo tí kò ní iye ìgbà pàtó. Àwọn wọ̀nyí wà fún olú ètò, tí kò sí àlàfo pàtó tó ń lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí apá méjèèjì ṣe ń pín ìsọfúnni

Iṣẹ́ alákòókò lè já wọ àárín olú ètò níbikíbi, àní láàárín ìlà méjì tó tẹ̀ léra. Ká ní olú ètò ń gba `Kp` àti `Ti` tuntun láti ojú ìbòjú òṣìṣẹ́. Ó ti kọ `Kp` tuntun, kò tíì kọ `Ti`, ni `OB30` bá dé. Ìdarí yóò fi `Kp` tuntun àti `Ti` àtijọ́ ṣiṣẹ́, ìyẹn àdàpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yàn. Ó lè máà ṣẹlẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní òru.

Àmì `tuntun` tó wà nínú kóòdù òkè yìí ló ń dáàbò bò wá. Olú ètò gbọ́dọ̀ wò ó pé `tuntun` jẹ́ `FALSE`, kí ó kọ `Kp`, kí ó kọ `Ti`, kí ó wá sọ `tuntun` di `TRUE` ní ìkẹyìn. Bí `OB30` bá dé láàárín, àmì kò tíì dìde, kò ní mú ohunkóhun.

Lódìkejì, bí olú ètò bá fẹ́ ka iye bíi mélòó kan tó gbọ́dọ̀ bára mu láti inú iṣẹ́ alákòókò, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà máa fi 1 kún òǹkà kan lẹ́yìn tó bá ti kọ gbogbo wọn tán. Olú ètò yóò ka òǹkà náà ṣáájú, yóò ya ẹ̀dà, yóò sì tún ka òǹkà lẹ́yìn rẹ̀:

```
#onka1 := "Idari".onka;
#eda := "Idari".ipo;
#onka2 := "Idari".onka;
IF #onka1 = #onka2 THEN
    "Ojuboju" := #eda;
END_IF;
```

Bí òǹkà méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ ju ẹ̀dà náà nù, kí ẹ dúró de àyípo tó ń bọ̀. Ọgbọ́n méjèèjì yìí gbára lé e pé iṣẹ́ alákòókò máa ń ṣe tán pátápátá kí olú ètò tó tẹ̀ síwájú. Lórí ẹ̀rọ ìdarí tó ní ọpọlọ púpọ̀, tí iṣẹ́ méjì lè máa lọ ní ìṣẹ́jú kan náà, èyí kì í ṣe òótọ́ mọ́, títì ìsọfúnni tí ẹ̀rọ náà pèsè ni kí ẹ lò níbẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, yàtọ̀ sí àmì bíi `tuntun`, ẹ má ṣe jẹ́ kí apá méjì máa kọ sínú ohun kan náà. Bí olú ètò bá ka 100 láti fi 1 kún un, tí `OB30` sì já wọ ibẹ̀ tó sọ ọ́ di 101, olú ètò yóò padà wá kọ 101 lé e lórí, ìkan ti sọnù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an

Ẹ má ṣe gba àpótí `Cyclic time` gbọ́ láìwọn. Ẹ fi ìlà mẹ́ta yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ `FB` iṣẹ́ náà, kí àwọn iye wọn sì wà nínú ìrántí rẹ̀:

```
#igba := RUNTIME(#iranti);
#kuru := MIN(IN1 := #kuru, IN2 := #igba);
#gun := MAX(IN1 := #gun, IN2 := #igba);
```

`RUNTIME` ń sọ àkókò tó ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n pè é kẹ́yìn, ní sẹ́kọ́ńdì. Ìdáhùn ìpè àkọ́kọ́ kò wúlò, nítorí náà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ `#kuru` di nọ́ńbà ńlá, kí ẹ sì sọ `#gun` di òdo. Bí `#gun` bá ju àlàfo lọ díẹ̀, iṣẹ́ mìíràn tí ipò rẹ̀ ga jù ló ń dá a dúró. Bí ó bá sún mọ́ ìlọ́po méjì, ìpè kan ti fò kọjá, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀. Ẹ tún lo `RUNTIME` mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀ẹ̀kan ní ìparí, láti mọ iye àkókò tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń gbà.

Iye kejì yìí ló ń sọ ohun tí olú ètò ń san. Ká ní iṣẹ́ náà ń gba mílísẹ́kọ́ńdì 0.4. Ní àlàfo 40, ìdá 1 nínú 100 ló ń mú. Bí ẹnìkan bá sọ àlàfo di 1, yóò mú 40 nínú 100, àyípo olú ètò tó ń gba 10 tẹ́lẹ̀ yóò sì di 10 ÷ 0.6, ìyẹn bíi 16.7. Bí iṣẹ́ alákòókò bá ń pọ̀ sí i, àyípo lè gùn títí olùṣọ́ àkókò ẹ̀rọ, tí a máa ń bá ní 150, yóò fi pariwo.

Nígbà tí àlàfo àkókò kò bá tó: iṣẹ́ ìdálọ́wọ́dúró

Àwọn nǹkan kan kì í dé ní àkókò tó dọ́gba. Ẹ wo bébà tó ń sáré kọjá lábẹ́ ọ̀bẹ ní mítà 2 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tí sẹ́ńsọ̀ ojú kan sì ń wá àmì dúdú tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ní mílísẹ́kọ́ńdì 1, bébà náà ti rìn mílímítà 2. Bí olú ètò tí àyípo rẹ̀ jẹ́ 14 bá ń wò ó, ibi tí ọ̀bẹ yóò bọ́ sí lè yà tó mílímítà 28 láti bébà kan sí èkejì. Níbí, ohun tí a fẹ́ ni kí àmì fúnra rẹ̀ pe kóòdù. Nínú ètò àbáwọlé náà, ẹ mú `Enable rising edge detection`, kí ẹ sì so ó mọ́ `OB40`.

Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ jù ni asẹ́ àbáwọlé. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ó wà ní mílísẹ́kọ́ńdì 6.4, èyí tó jẹ́ mílímítà 12.8 lórí bébà náà kí ẹ̀rọ tó gbọ́ pé àmì dé. Ẹ mú un wá sí 0.2, yóò di mílímítà 0.4. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe èyí fún sẹ́ńsọ̀ tí kò ní irin tó ń fara kan ara wọn nìkan. Bọ́tìnnì tàbí suwíìṣì lásán máa ń gbọ̀n nígbà tó bá pàdé, asẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì jẹ́ kí ìtẹ̀ kan ṣoṣo pe `OB40` ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ ó mọ̀ nípa òǹkà kan tí ẹ fi sínú rẹ̀: bí ó bá ju iye bébà tó kọjá lọ, gbígbọ̀n ni. Ẹ rántí `:P` lórí àbájáde tó ń sọ ọ̀bẹ kalẹ̀, kí ó sì jẹ́ àbájáde onítransísítọ̀, torí pé rílèè lè gba mílísẹ́kọ́ńdì bíi 10 kó tó pàdé.

Níbi pọ́ǹpù náà, lẹ́yìn tí mo gbé kóòdù sínú `OB30`, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi yíyípo kan tó wúwo sínú olú ètò kí àyípo rẹ̀ lè gùn láti 10 sí 30. Ìfúnpá náà dúró lórí báà 4. `#kuru` kà 0.0398, `#gun` kà 0.0402. Mo yọ yíyípo náà kúrò, mo sì fi ìlà `RUNTIME` mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ síbẹ̀ fún ẹni tí yóò tún pààrọ̀ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kan.